Sọ́fè Mínà lórí àwòrán sátẹ́láìtì

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo gbé kọọdinéètì sọ́fè bàbá wa ní Ìbàdàn, ti 1982, sórí àwòrán sátẹ́láìtì. Ilẹ̀ náà bọ́ sórí títì, ó jìnnà síbi tó wà ju mítà 100 lọ. Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?”

Àbúrò, détọ́ọ̀mù, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń ka kọọdinéètì, ló fa gbogbo wàhálà yẹn. Píllà L40 ní Mínà ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ìgbà yẹn, lórí ìrísí ayé tí wọ́n ń pè ní Kíláàkì 1880. WGS 84 ni sátẹ́láìtì ń lò. Ní Ìbàdàn, bí o bá ka nọ́ńbà UTM ti Mínà bíi ti WGS 84, ilẹ̀ á sún ní bíi mítà 90 sí ìlà-oòrùn àti 120 sí gúúsù. Bí tìrẹ bá sún báyẹn, détọ́ọ̀mù Mínà ni wọ́n lò.

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ kan tó wo sọ́fè tèmi, tó ní irọ́ ni sátẹ́láìtì ń pa, kí n sanwó sọ́fè tuntun. Kò béèrè détọ́ọ̀mù rárá. Ẹlòmíràn tó pe ara rẹ̀ ní àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi máòsì fa ilẹ̀ náà títí tó fi bá ògiri mu. Ọ̀gbẹ́ni, àwòrán yẹn fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ ní mítà mélòó kan! Ìgbà tí mo kó sọ́fè aládùúgbò sórí rẹ̀ ni ilẹ̀ méjèèjì gun ara wọn, ni ìjà bá dé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú fa ilẹ̀ fún ọ.

Nínú QGIS, fún fáìlì náà ní EPSG:26331, ìyẹn UTM ti Mínà, nínú `Set Layer CRS`, kí o tó lo `Reproject Layer` sí EPSG:32631, ìyẹn UTM ti WGS 84. Bí ó bá kọ `ballpark`, kò yí détọ́ọ̀mù padà nìyẹn. Fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò:

```
echo 599000 818000 | cs2cs +proj=utm +zone=31 +a=6378249.145 +rf=293.465 +towgs84=-92,-93,122 +to +proj=utm +zone=31 +datum=WGS84
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ á dínkù ní bíi 90, ìkejì á fi bíi 120 pọ̀ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún sọ́fè àtijọ́ gan-an o. Bí nọ́ńbà Ìbàdàn bá wà ní bíi 164,000 àti 376,000, kì í ṣe UTM, EPSG:26391 ni. Bí ó bá jẹ́ bíi 540,000 àti 1,230,000, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n; fi 0.3048 sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ kí o tó lo EPSG:26391.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀lé `towgs84` lókè yẹn ṣì lè yẹ̀ ní mítà mélòó kan, nítorí gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá fẹ́ mọ odi, wá píllà àtijọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú sọ́fè, tí kò tíì ṣí kúrò. Jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ẹ̀rọ GNSS wọ̀n ọ́n, kì í ṣe fóònù, kí o sì fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n náà àti nọ́ńbà píllà tí o ti yí padà kún igun gbogbo. Píllà méjì ló dára jù, torí pé bí ìyàtọ̀ wọn kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti gbé ọ̀kan nínú wọn kúrò níbi tó wà.