Láti inú ìwé àkókò iṣẹ́ dé owó tó ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́: ìṣirò ofataìmù, owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Ọ̀tà, òṣìṣẹ́ 22 ló wà lọ́dọ̀ mi, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ń kọ àkókò tí wọ́n dé àti àkókò tí wọ́n lọ sínú ìwé, èmi náà sì ń kó o sínú Excel. Ní gbogbo òpin oṣù, ofataìmù kì í bá ohun tí wọ́n ń sọ mu, n kò sì mọ̀ bóyá ara rẹ̀ náà ni kí n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe tò ó?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí a ti ibi wákàtí bẹ̀rẹ̀, nítorí bí wákàtí bá ti wọ́, kò sí ìṣirò kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè tọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé Excel kì í tọ́jú àkókò bíi wákàtí. Ìpín kan lára ọjọ́ ló kà á sí. Agogo méjìlá ọ̀sán jẹ́ 0.5 lójú rẹ̀, nítorí ìdajì ọjọ́ ni. Bí òṣìṣẹ́ alẹ́ bá dé ní 20:00, tó sì lọ ní 06:30 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹ wá yọ àkókò tó dé kúrò nínú àkókò tó lọ, iye tí kò tó òfo ni yóò jáde, àpótí náà yóò sì kún fún àmì `#####`. Ọ̀pọ̀ a máa pa àmì yìí rẹ́, wọn a sì fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn òpin oṣù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àkókò dídé sí kọ́lọ́ọ̀mù B, àkókò lílọ sí C, wákàtí ìsinmi sí D ní nọ́ńbà lásán bíi 1, kí ẹ sì kọ báyìí:

```
E2: =MOD(C2-B2,1)*24-D2
F2: =MAX(0,E2-8)
```

`MOD` ló ń mú òru kọjá sí ọjọ́ kejì láìdá nǹkan rú, ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú 24 ló sì ń sọ ìpín ọjọ́ di wákàtí. Ẹ ṣètò E àti F gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà lásán, kí ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní ìrísí àkókò. Fún òṣìṣẹ́ alẹ́ tí mo mẹ́nu bà yìí, tí ìsinmi rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan, E yóò fún un ní 9.5, F yóò sì fún un ní ofataìmù 1.5. Ọjọ́ tó wọlé iṣẹ́ ni kí ẹ kọ gbogbo wákàtí náà sí, kódà bí òru ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù bá wọ inú oṣù tuntun, kí òru kan má baà pín sí oṣù méjì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìsinmi yẹn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Àmọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ kan jẹun, tó ń fi ọwọ́ kejì ṣọ́ ààrò, kò tíì sinmi. Bí ẹ bá ń yọ wákàtí kan lójoojúmọ́ fún ìsinmi tí wọn kò rí, wákàtí 26 ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó sì ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àkókò ìsinmi náà sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń kọ àkókò dídé.

Àṣìṣe kejì ni ti ìṣẹ́jú. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó ń tẹ ìwé náà máa ń kọ wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 30 gẹ́gẹ́ bíi 14.30, nígbà tó jẹ́ pé 14.5 ló yẹ kó jẹ́. Bí wákàtí kan bá jẹ́ ₦900, ₦180 ni òṣìṣẹ́ náà pàdánù, oṣù dé oṣù, kò sì sí ẹni tó tètè rí i nítorí owó náà kéré lójú. Bí ẹ bá sì fi 14:30 sílẹ̀ bí àkókò, tí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 900, ₦543.75 péré ni yóò jáde, nítorí ìpín ọjọ́ ni Excel fi ṣírò rẹ̀.

Lórí iye owó ofataìmù, òfin iṣẹ́ kò dárúkọ iye kan pàtó. Ohun tó sọ ni pé wákàtí tó bá kọjá èyí tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ fẹnu kò sí ni iṣẹ́ àfikún. Ìdí nìyí tí ìwé àdéhùn fi gbọ́dọ̀ sọ nǹkan mẹ́ta ní kedere: ṣé lóòjọ́ ni a ń ka àfikún tàbí lọ́sẹ̀, èwo nínú owó oṣù ni a fi ń mọ owó wákàtí kan, àti ìlọ́po mélòó ni àfikún. Ẹni tó ṣe wákàtí 9.5 lọ́jọ́ Ajé, tó sì ṣe 6 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní àfikún 1.5 bí a bá kà á lóòjọ́, ṣùgbọ́n bí a bá kà á lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè gbé àfikún náà mì. Fọ́múlà tí mo kọ sókè ń kà á lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ kan wò. Bésíìkì rẹ̀ jẹ́ ₦83,200, owó ilé ₦26,000, owó ọkọ̀ ₦15,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦124,800. Wákàtí 48 ni àdéhùn rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí a bá sọ 48 di púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 52, tí a pín in sí oṣù 12, wákàtí 208 ni yóò jẹ́ lóṣù. Tí àdéhùn bá lo àpapọ̀ owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦600 ni owó wákàtí kan. Ní oṣù yìí ó ṣe àfikún wákàtí 14.5 ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ìyẹn ₦900 fún wákàtí kan, èyí tó jẹ́ ₦13,050. Ó tún ṣe wákàtí 8 ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, èyí tó jẹ́ ₦9,600. Ofataìmù rẹ̀ jẹ́ ₦22,650, gbogbo owó rẹ̀ kí a tó yọ nǹkan kan sì jẹ́ ₦147,450.

Owó ìfẹ̀yìntì kò bá ofataìmù tan. Òfin ọdún 2014 gba agbanisíṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó kàn yín. Òṣìṣẹ́ ń dá ó kéré tán 8%, ẹ̀yin ń dá ó kéré tán 10%, owó tí a fi ń ṣírò rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní àpapọ̀ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Àdéhùn lè fi nǹkan mìíràn kún un, ṣùgbọ́n bí àdéhùn yín kò bá fi ofataìmù kún un, ẹ má ṣe yọ ọ́ níbẹ̀. Fún ẹni tiwa yìí, 8% nínú ₦124,800 jẹ́ ₦9,984. Tiyín jẹ́ ₦12,480, àpò yín ló sì ti ń jáde, kì í ṣe àpò tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ẹ bá ti san owó oṣù ni méjèèjì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì.

Owó orí ní tirẹ̀ kì í yọ ofataìmù sílẹ̀, nítorí owó tó wọlé ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san 15%, ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn ń san 18%, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ dá máa ń kọ́kọ́ jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni 20% nínú owó ilé tó ń san fún onílé rẹ̀, tí ìyẹn kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ₦500,000 lọ́dún. Bí ẹ bá rí 7% tàbí 11% nínú ìwé Excel tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òfin àtijọ́ ló wà níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ wa ń san ₦240,000 lọ́dún fún onílé, nítorí náà 20% rẹ̀ tí a ó yọ kí a tó ka owó orí jẹ́ ₦48,000 lọ́dún, ₦4,000 lóṣù. ₦147,450, bí a bá yọ ₦9,984 àti ₦4,000, ó ku ₦133,466. Ní ìlọ́po 12, ₦1,601,592. Yọ ₦800,000, ó ku ₦801,592. 15% rẹ̀ jẹ́ ₦120,238.80, ìyẹn ₦10,019.90 lóṣù. Owó tó máa wọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦127,446.10.

Ṣùgbọ́n ìlọ́po 12 yìí ní ewu fún ẹni tó sún mọ́ etí ìpele. Ẹ wo alábòójútó tí owó tó yẹ kó san orí lé lórí jẹ́ ₦240,000 lóṣù: ₦26,000 ni owó orí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ofataìmù ₦60,000 wọlé fún un. Bí ẹ bá sọ ₦300,000 di ìlọ́po 12, yóò dà bí ẹni tó ń gba ₦3,600,000 lọ́dún, a ó sì yọ ₦36,500, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ lọ́dún kò dé ₦3,000,000 rárá. Ọ̀nà tó sàn ni kí ẹ máa ka owó láti oṣù Kìíní: àpapọ̀ rẹ̀ di ₦1,500,000, ìdajì ₦800,000 fún oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦400,000, 15% nínú ₦1,100,000 tó kù jẹ́ ₦165,000, a ti yọ ₦130,000 ní oṣù márùn-ún, nítorí náà ₦35,000 ni ti oṣù Kẹfà.

Ọ̀tà ni ilé iṣẹ́ yín, ẹ má sì gbàgbé pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀. Ẹni tó ń ti Alágbàdo wá, ti Èkó ni tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé Sàngó, ti Ògùn ni. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù ibùgbé kún ìwé náà kí ẹ lè to àpapọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì san án kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ ro owó tó wọ ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, owó orí àti 8% pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ owó wọn mu dé kọ́bọ̀. Ti ẹni tiwa yìí jẹ́ ₦127,446.10, ₦10,019.90 àti ₦9,984, tó padà di ₦147,450. Bí kò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí 10% tiyín ti wọ inú ohun tí ẹ yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bí ó bá bára mu ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ ṣì ń ráhùn, ẹ padà sí kọ́lọ́ọ̀mù D, kí ẹ bi í léèrè àkókò tó jẹun.