Lẹ́tà ìlàjà dé lórí òrùlé tó ń jò: ta ló máa sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Fúláàtì òkè ni mò ń gbé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Agége, àwa mẹ́rin la yá ilé náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san ₦700,000 lọ́dún. Òrùlé ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Káfíńtà ní ₦2,400,000 ni gbogbo rẹ̀: páànù àti igi ₦1,600,000, síìlì fúláàtì òkè méjèèjì ₦500,000, gọ́tà ₦300,000. Bàbá onílé ní kí àwa ayálégbé dá a, pé díìṣì tí mo kàn sórí òrùlé ló lù ú. Mo kọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé láti CMC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá ará ìlú làjà, pé kí n wá jókòó pẹ̀lú wọn. Ṣé wọ́n ti pè mí lẹ́jọ́ nìyẹn? Ṣé ó pọn dandan kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, kò tíì sí ẹni tó pè yín lẹ́jọ́. Ìwé ìpẹ̀jọ́ máa ń ní nọ́ńbà ẹjọ́ àti òǹtẹ̀ kóòtù. Lẹ́tà tiyín kàn ń sọ ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá, ohun tó ń bí i nínú, àti ọjọ́, aago àti ọ́fíìsì tí wọ́n fẹ́ kí ẹ wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló dá CMC sílẹ̀ lọ́dún 1999 kí ará ìlú lè rí ibi yanjú aáwọ̀ láìná kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, ẹ mọ̀ pé àpò ara rẹ̀ ló fẹ́ kó o sí.

Kò pọn dandan kí ẹ lọ, olùlàjà kò sì lágbára láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àmọ́ tèmi ni pé kí ẹ lọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé kóòtù, òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní kí kóòtù fúnra rẹ̀ máa gba tọ̀tún-tòsì níyànjú láti parí ìjà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá yín padà sórí àga kan náà, nígbà tí ẹ ti san owó lọ́yà tán. Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni ohun tí a bá sọ nídìí ìlàjà. Bí ẹ bá ní “mo lè fi nǹkan díẹ̀ kún un kí ìjà tán”, bàbá kò lè gbé e lọ sí kóòtù pé ẹ ti jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe bá a dúnàádúrà níbẹ̀ rárá.

Ní ti ẹni tó yẹ kó sanwó, àdéhùn ilé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí wò. Òfin 2011 ní onílé ni yóò máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe, ayálégbé ni yóò máa tọ́jú inú ibi tó yá, yàtọ̀ sí ohun tó gbó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà gbà kí àdéhùn sọ nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ibi tó ní “ayálégbé ni yóò ṣe gbogbo àtúnṣe, inú àti ìta”, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, àfi kí ẹ lọ bẹ̀bẹ̀. Bí kò bá sí irú ìlà bẹ́ẹ̀, tàbí tó jẹ́ ẹnu lásán lẹ fi ṣàdéhùn, òrùlé àti gọ́tà wà lọ́rùn onílé.

Síìlì ni ibi tí onílé àti ayálégbé ti máa ń bá ara wọn jiyàn. Onílé á ní inú ilé ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ omi òrùlé ló bà á jẹ́, ẹni tó ni ìdí ló ni àbájáde. Ìdí yìí gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn, torí díìṣì yín. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ ní kí káfíńtà gun òkè, kí ẹ sì ya fọ́tò. Bí ìpẹtà bá yí orí ìṣó po káàkiri, tí igi abẹ́ páànù ti jẹrà dé ibi tí ìka ń wọ̀ ọ́, ọjọ́ orí ló pa òrùlé yẹn. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ díìṣì nìkan ni omi ti ń kán, tí páànù tó kù sì le dáadáa, bàbá ní ẹjọ́ lọ́wọ́. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kọ owó páànù abẹ́ díìṣì sọ́tọ̀.

Ká ní ó kọ ₦60,000. Ẹ gbà á lọ́rùn ara yín, ẹ má jà á. Yóò ku ₦2,340,000 fún bàbá, bàbá á sì ní òun kò ní owó. Ó lè jẹ́ òótọ́, torí púpọ̀ nínú àwọn àgbà onílé, owó ilé náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ojútùú tó sábà máa ń bọ́ sí i ni pé kí ayálégbé yá a lówó, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó ilé. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá dá a, ₦585,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ọdún méjì yọ ọ́, ₦292,500 ni yóò máa kúrò lọ́dún, ₦407,500 lẹ ó sì máa san. Ẹni tí kò bá fọwọ́ síwèé, àdéhùn náà kò dè é o, nítorí náà ẹ sọ fún olùlàjà kó pe àwọn ará ìsàlẹ̀ náà. Wọ́n lè ní òjò kò pa àwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni.

Ibi tí àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti máa ń fọ́ ni pé kò sí ẹni tó rántí kọ iye owó ilé sílẹ̀. Bàbá á gba àtúnṣe tán, á sọ owó ilé di ₦1,000,000 lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ yọ ₦292,500 kúrò nínú rẹ̀, ₦707,500 ló kù, ó ti ju ohun tí ẹ ń san lónìí lọ, owó yín sì ti wọlé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ₦700,000 ni owó ilé títí tí gbèsè yóò fi tán. Ẹ tún ní kí wọ́n kọ ọ́ pé bí ẹ bá kó kúrò, tàbí bí bàbá bá ta ilé tàbí tó papò dà, òun tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò san èyí tó kù. Bí aṣojú onílé ló wá sí ìpàdé, ẹ bèèrè ìwé tó fún un láṣẹ láti fọwọ́ sí i, kí bàbá má baà sọ lẹ́yìn náà pé òun kọ́ ló rán an.

Lábẹ́ òfin ìlàjà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2023, ìwé tí tọ̀tún-tòsì bá fọwọ́ sí nídìí ìlàjà ṣeé gbé lọ sí kóòtù kí wọ́n fi múni ṣe é. Bí ẹ kò bá rí ara yín sọ, kò sí ohun tó bà jẹ́, ẹ̀tọ́ yín láti lọ sí kóòtù wà bó ṣe wà. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìlàjà kò ní kí onílé má fún yín ní ìwé ìkìlọ̀ pé kí ẹ kó jáde, àmọ́ oṣù mẹ́fà ni òfin fún ẹni tó ń san owó ọdún, bí àdéhùn yín kò bá sọ òmíràn.

Bí òjò kò bá jẹ́ kí ẹ lè dúró de ọjọ́ ìpàdé, tapólín ni kí ẹ fi bo ibi tó ń jò. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò, ẹ fi ìwé sọ fún bàbá, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má tíì jẹ́ kí káfíńtà kan ìṣó tuntun kankan mọ́ ọn.