Àwìn ọgbọ̀n ọjọ́ àti ẹ̀dínwó fún ẹni tó tètè sanwó

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé kan ní Kabba fẹ́ kí n máa kó gaari wá fún àwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni àwọn fi ń sanwó, ṣùgbọ́n bí mo bá lè yọ náírà 2 lórí 100, wọn yóò san án láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Èwo ni kí n gbà?"

Àbúrò mi, ojú mi ti rí irú rẹ̀ rí. Láti Isanlu ni mo ti ń kó gaari àti èlùbọ́ lọ fún oníbàárà kan. ₦800,000 ni mo ń fi ra ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan gaari, tí wọn kì í tà láwìn, mo sì ń tà á ní ₦920,000. Èrè ₦120,000 yẹn ló fa ojú mi mọ́ra tí n kò fi ka ọjọ́. Ẹrù karùn-ún ti lọ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé, èyí ni pé ₦4,000,000 ti jáde lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kò lè yá mi tó bẹ́ẹ̀, ni mo bá lọ bá ayánilówó tó ń gba náírà 8 lórí 100 lóṣù. Èrè wà nínú ìwé mi, àpò mi sì gbẹ.

Ká ní ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń san án ni, ẹrù méjì péré, ₦1,600,000, ni ì bá wà níta kí owó àkọ́kọ́ tó dé. Ohun tí ẹ̀dínwó náà ń gbà lórí ẹrù kan jẹ́ ₦18,400, ó sì ń mú ₦901,600 wá ní ogún ọjọ́ ṣáájú. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dé oṣù kan, ó tó nǹkan bí èlé náírà 3 lórí 100. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá lè yá yín ní náírà 1 tàbí 2 lórí 100 lóṣù, tí owó náà sì tó, ẹ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ayánilówó bíi tèmi ló kù, ẹ yọ ẹ̀dínwó náà.

Ibi tó ti burú ni pé nígbà tí mo yọ ẹ̀dínwó ọ̀hún níkẹyìn, oníbàárà mi san owó ní ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ó sì tún yọ ₦18,400 rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ìnfọ́ìsì dé ọwọ́ akápò ni òun fi bẹ̀rẹ̀ sí kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹrù dé. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í kọ "ọjọ́ mẹ́wàá" sílẹ̀ lásán. Fún ẹrù tó bá dé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, ohun tí mo máa ń kọ sínú ìnfọ́ìsì ni pé: ₦901,600 bí owó bá wọ báǹkì di ọjọ́ 12 oṣù kẹta, lẹ́yìn náà ₦920,000, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Ẹni tó bá gba ẹrù ni mo sì ń jẹ́ kí ó buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ tó padà.