Ẹ má fi Ctrl+V lásán kó tébù láti fáìlì Excel kan sí òmíràn

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, tébù kan wà nínú fáìlì Excel kan tí mo fẹ́ kó sínú fáìlì míì. Mo fẹ́ kí fífẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù àti àwọ̀ rẹ̀ bá a lọ, àmọ́ fọ́múlà tó ti wà níbi tí mò ń kó o lọ ò gbọdọ̀ bàjẹ́. Báwo ni kí n ṣe é?"

Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo Ctrl+V lásán. Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Owó oṣù òṣìṣẹ́ 14 ni mò ń ṣe nígbà yẹn, owó ófátáìmù wákàtí kan wà nínú ṣíìtì kan tí mo pè ní Iye, ₦1,500 ni lóṣù January. Wákàtí 150 ni gbogbo wọn ṣe, ó jẹ́ ₦225,000. Mo kọ́pì tébù yẹn, mo lẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì ìròyìn oṣù, ó rẹwà lójú, mo fi ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ti di èyí:

```
=[OwoOsu.xlsx]Iye!$B$2*C5
```

Ìyẹn ni pé ìròyìn yẹn ṣì ń wo fáìlì àkọ́kọ́. Nígbà tó di February wọ́n fi kún owó, mo tẹ ₦2,000 sínú B2 kan náà. Ní March ọ́díítọ̀ ṣí ìròyìn January, Excel bi í bóyá kó ṣe Update, ó tẹ̀ ẹ́, ₦225,000 bá di ₦300,000. Báńkì sì fi hàn pé ₦225,000 la san! Wọ́n ní kí n wá sọ ibi tí ₦75,000 wọlẹ̀ sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó níwájú wọn. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó pa gbogbo nǹkan orí kọ̀ǹpútà mi rẹ́, kò tiẹ̀ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo wò kó rí àkámọ́ onígun yẹn. Inú ń bí mi di òní, torí ìṣẹ́jú kan ló máa gbà á.

Ó dáa, ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí nìyí. Ẹ kọ́pì, ẹ lọ sí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún, ẹ tẹ Ctrl+Alt+V, ẹ mú Column widths. Ẹ tún tẹ Ctrl+Alt+V, ẹ mú Values and number formats. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Formats. Ẹ má tẹ Esc láàárín, torí ìlà tó ń rìn yí ká ibi tẹ́ ẹ kọ́pì gbọ́dọ̀ ṣì máa rìn. Tó bá jẹ́ Values lásán lẹ mú, déètì lè yọ síta bíi 45292, January 1, 2024 ni, kò bàjẹ́, fọ́máàtì ni kò bá a lọ. Column widths máa ń yí fífẹ̀ gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀, torí náà tí tébù míì bá wà nísàlẹ̀, ẹ ṣọ́ra.

Tí Paste Special bá ń fi kìkì Text àti Picture hàn yín, Excel méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ṣí. Ẹ pa ọ̀kan, ẹ ti inú èyí tó kù lo File, Open.

Ẹ̀n-ẹ́n, fọ́múlà ibi tẹ́ ẹ̀ ń kó o lọ. Values máa bo ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, SUM yín náà máa di nọ́ńbà. Ẹ má kọ́pì ìlà àpapọ̀ mọ́ ọn. Tí fọ́múlà bá wà láàárín, tí sẹ́ẹ̀lì tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti kọ́pì sì ṣófo pátápátá, ẹ máàkì Skip blanks, á fò ó. Formats kì í fọwọ́ kan fọ́múlà rárá.

Tẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tàṣìṣe tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ wá `[`, kí Within wà ní Workbook, kí Look in wà ní Formulas, ẹ wá tẹ Find All, á fi àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wo ìta hàn yín. Ẹ má sáré tẹ Break Link tí wọ́n máa ń sọ kiri yẹn, ó ń sọ gbogbo fọ́múlà ọ̀hún di nọ́ńbà, Ctrl+Z ò sì lè dá a padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí fọ́múlà ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ní ṣíìtì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú fáìlì tuntun, tèmi jẹ́ Iye, kí owó wà nínú B2 rẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ sí Data, Edit Links (Excel tuntun ń pè é ní Workbook Links), Change Source, kẹ́ ẹ mú fáìlì tuntun yẹn fúnra rẹ̀. Àkámọ́ yẹn á pòórá, á ku `=Iye!$B$2*C5`.