Ọjà tó kù lórí pẹpẹ, owó ni òun náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lágeré, n'Ílé-Ifẹ̀. Ìndómì, mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ni mò ń tà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń kọ iye tí mo bá pa sínú ìwé. Lóṣù tó kọjá ₦540,000 ni mo pa, àmọ́ ₦545,000 ni mo fi ra ọjà. Owó ṣọ́ọ̀bù tún wà níbẹ̀, ₦240,000 lọ́dún. Ṣé mò ń pàdánù ni, àbí èrè wà níbẹ̀ tí mi ò rí?

Ìdáhùn: Ẹ kò tíì lè mọ̀ nínú ìwé yẹn, torí ọjà tó wà lórí pẹpẹ kò sí nínú rẹ̀. Owó tí ẹ fi ra ọjà lóṣù kan kì í ṣe owó ọjà tí ẹ tà lóṣù náà. Bí ẹ bá ra páálí ọṣẹ mẹ́wàá ní Odò-Ògbè, tí mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí oṣù parí, owó páálí mẹ́fà nìkan ni ẹ lè fi wé ohun tí ẹ pa. Owó mẹ́rin yòókù kò lọ síbì kankan.

Ọjà kíkà ló máa là á. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, tí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn, ẹ ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹ rà á sí i, kì í ṣe iye tí ẹ ń tà á. Èyí tí ẹ ti tú, ẹ kà á ní ẹyọ ẹyọ. Ká ní ₦8,000 ni ẹ ra páálí ìndómì tó ń gba ogójì, ₦200 ni ẹyọ kan. Bó bá ku mẹ́rìndínlógún, ẹ kọ ₦3,200. Bisikíìtì tó ti bàjẹ́, ẹ má kọ owó kankan sí i, bó ti wù kó dùn yín tó. Lálẹ́ ìparí oṣù tó tẹ̀lé e, ẹ tún un kà.

Ká wá sọ pé ọjà ₦620,000 ló wà nílẹ̀ nígbà tí oṣù yẹn bẹ̀rẹ̀, ₦700,000 ló sì kù nígbà tó parí. Ẹ fi ₦545,000 tí ẹ rà kún ti ìbẹ̀rẹ̀, ó di ₦1,165,000. Ẹ yọ ₦700,000 kúrò, ó ku ₦465,000. Ìyẹn ni owó ọjà tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ yọ ọ́ nínú ₦540,000 tí ẹ pa, ₦75,000 ló lé. Owó ọkọ̀ àti ti alábàárù gbọ́dọ̀ ti wà nínú owó ọjà rírà o. Bí kò bá sí, ẹ fi kún un.

Owó ṣọ́ọ̀bù ló kàn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í rántí rẹ̀ títí lanlọ́ọ̀dù á fi kanlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n oṣooṣù ló ń jẹ ₦20,000 nínú èrè yín. Bí owó iná, pẹtiróòlù àti ọ̀rá tí ẹ fi ń di ọjà bá jẹ́ ₦17,000, ₦38,000 ló ṣẹ́ kù. Èrè wà, àmọ́ kò pọ̀, ẹ kò sì tíì san owó iṣẹ́ fún ara yín nínú rẹ̀.

Mílíìkì àti ṣúgà tí ẹ ń gbé lọ sílé ńkọ́? Bí ọjà ₦15,000 bá ti ibẹ̀ lọ, ó ti jáde lórí pẹpẹ láìmú owó wá, ó sì mú kí èrè dà bíi pé ó kéré. ₦53,000 gan-an ni ṣọ́ọ̀bù náà mú wá. Ilé yín ti jẹ ₦15,000 níbẹ̀. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún un.

Àwìn náà fẹ́ ojú ìwé tirẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà bá jáde ni kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí ẹ tà. Nígbà tí oníbàárà bá wá san án, ẹ fagi lé gbèsè yẹn, ẹ má tún kọ owó náà bí ọjà tuntun, kó má lọ di ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tí mo máa ń wò ju èrè lọ. Ẹ yọ ₦15,000 ti ilé kúrò nínú ₦465,000: ọjà ₦450,000 ni àwọn oníbàárà rà, wọ́n sì san ₦540,000. Ìyẹn ni pé ₦20 lé lórí ọjà ₦100 kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń lé e lóòótọ́, ìwé yín pé. Bó bá jẹ́ ₦30 ni ẹ ń lé, ọjà ń jò: bóyá wọ́n ń tà á láìkọ ọ́, bóyá wọ́n ń ṣi ṣéńjì san, bóyá wọ́n ń jí i, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ra ọjà lówó tuntun, tí ẹ ṣì ń tà á níye àtijọ́. Ẹ mú ọjà kan tó ń yára tà, bíi mílíìkì inú ọ̀rá, kí ẹ máa kà á láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi wé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí iye méjèèjì kò bá bára mu, ẹ wo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.