Káàdì orí fóònù àti òdiwọ̀n ìnáwó

Ìbéèrè: Tí mo bá fi káàdì orí fóònù, ìyẹn káàdì ìsanwó tí mo ṣí nínú áàpù báǹkì, rajà lórí ayélujára, ṣé olè ò ní lè kó owó mi?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ ń rọ owó sí ni, ohun tó wà lórí rẹ̀ nìkan lọ́wọ́ olè lè tó. Tó bá ń fa owó tààrà láti inú àkáǹtì, ẹ fi òdiwọ̀n sí i. Ká ní bàtà ₦18,500 lẹ fẹ́ rà: ẹ fi òdiwọ̀n ₦19,000 sí gbogbo ìnáwó oṣù náà, kì í ṣe sí ìsanwó ẹyọ kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ olè lè gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí ẹ bá sanwó tán, ẹ ti káàdì náà pa nínú áàpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́ kí bàtà tó dé o, torí tí wọ́n bá máa dá owó padà, orí káàdì yẹn náà ló máa ń gbà wọlé.