Eṣinṣin lórí ààtàn máńgòrò

“Ẹ̀yin ará, mo ń da máńgòrò tó bá já bọ́ sórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu, àmọ́ eṣinṣin ò dínkù. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú làálàá o. Orí ààtàn yẹn gan-an ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ẹ la máńgòrò kan wò: ìdin funfun tó wà nínú rẹ̀ máa ń jáde wọnú ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń di eṣinṣin. Torí náà, ẹ máa ṣà wọ́n láràárọ̀, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá dúdú tí kò lu, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kẹ́ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ 7 sí 14. Ooru á pa ìdin. Ẹ wá dà á sórí ààtàn, kẹ́ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó dáadáa. Bí eku bá ń já ọ̀rá náà, inú garawa onírin tó ní ọmọrí ni kẹ́ẹ gbé e sí.